Abala ìsanwó àti ìfòpinsí àdéhùn: bí a ṣe ń tú u kó yé ẹni tó máa sanwó

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kejì mi rèé nínú iṣẹ́ lọ́yà. Oníbàárà mi kan, ìyá oníṣòwò, gbé iṣẹ́ kíkọ́ ìkànnì ìtajà fún ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé kó tó wá bá mi. Abala 7 nínú àdéhùn náà ló ń dà á láàmú. Mo ti tún un kọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, mo pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ líle inú rẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe gan-an. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Abala náà nìyí:

"7. Agbéṣẹ́síta yóò san gbogbo iye tí ó bá wà lórí ínfóìsì láàárín ọjọ́ 14 tí a bá gbà á, láìyọ ohunkóhun kúrò àti láìdá ohunkóhun dúró, àyàfi bí a bá ti fi àtakò ránṣẹ́ ní kíkọ láàárín ọjọ́ 5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a óò kà á sí pé a ti gba ínfóìsì náà wọlé. Bí ìsanwó bá sì pẹ́, láìfi ẹ̀tọ́ mìíràn dù Agbaṣẹ́ṣe, èlé ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù yóò máa gorí rẹ̀, Agbaṣẹ́ṣe sì lè dá iṣẹ́ dúró tàbí fòpin sí àdéhùn yìí lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ 10 bí a kò bá ṣe àtúnṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè fòpin sí àdéhùn láìsọ ìdí, pẹ̀lú ìfitónilétí ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n Agbéṣẹ́síta yóò san owó gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe àti gbogbo ìnáwó tí kò ṣeé yí padà títí di ọjọ́ ìfòpinsí náà."

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ líle kọ́ ló ń da màmá yẹn láàmú. Tún abala náà kà sókè, wàá rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí oníṣòwò ò gbọ́ rí. Ohun tó sọ ọ́ di igbó ni pé gbólóhùn gígùn mẹ́ta péré ni wọ́n rọ́ gbogbo ojúṣe rẹ̀ sí, wọ́n sì tò wọ́n bó ṣe wu ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe bí nǹkan á ṣe máa dé bá ẹni tó máa sanwó. Nígbà tó o pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ewé lo gé. Ọ̀nà ò tíì là.

Bí mo ṣe ń la tèmi nìyí. Màá mú bébà òfìfo, màá kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, lẹ́nu ara rẹ̀: ínfóìsì dé; iye orí rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn; mo fẹ́ sanwó; mo ti pẹ́; mo fẹ́ jáde nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá tó padà sínú abala náà, tí màá máa já ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sábẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tó kàn. Bí mo bá ti gbé ọ̀kan lọ, màá fi bíírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́. Bí mo bá parí, ohun tí kò nílà lábẹ́ ni ohun tí mi ò tíì sọ fún oníbàárà mi. Nínú abala tìrẹ yìí, mo lè fi nǹkan búra pé ohun tó máa ṣẹ́kù ni "láìfi ẹ̀tọ́ mìíràn dù Agbaṣẹ́ṣe", torí gbogbo ènìyàn ló máa ń fò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n gba èlé lórí owó tó pẹ́ kò ní kí wọ́n má tún pe màmá lẹ́jọ́ fún owó ọ̀hún. Ó yẹ kó mọ̀.

Èkejì ni ta ló ń ṣe é. Èdè wa máa ń fi ẹni tó ń ṣe nǹkan pamọ́ láìjẹ́ pé a fura. "Láàárín ọjọ́ 14 tí a bá gbà á": ta ni "a"? "Bí a kò bá ṣe àtúnṣe": ta ló máa ṣe é? Nínú àbọ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, "wọ́n" ló máa ń rọ́pò "a". Wọ́n á kọ ọ́ pé "wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró", oníbàárà á sì máa bi ara rẹ̀ pé àwọn wo. "Ó" náà ò sàn jù ú lọ, nítorí ó lè jẹ́ òun, ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́, ó tún lè jẹ́ ínfóìsì. Nínú ẹ̀dà tó o máa fún màmá, orúkọ méjì péré ni kó wà: "ẹ̀yin" àti "ilé-iṣẹ́ náà". Tún orúkọ yẹn pè nínú gbogbo gbólóhùn, kódà bí ó bá ń dún bí àsọtúnsọ létí rẹ. Àsọtúnsọ ò pa oníbàárà lára rí.

"Yóò" náà ń bẹ níbẹ̀. Nínú ìwé òfin, ojúṣe ni a fi ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n létí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú lásán ni. "Agbéṣẹ́síta yóò san" lè dún bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Níbi tó bá ti jẹ́ ọ̀ranyàn, kọ "ẹ gbọ́dọ̀". Níbi tí ẹnì kan ti lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é tàbí kó má ṣe é, kọ "lè". Níbi tí nǹkan bá jẹ́ èèwọ̀, kọ "ẹ ò gbọdọ̀". Mẹ́ta náà ti tó, má ṣe wá ìkẹrin.

Ìyẹn ni apá tó rọrùn. Ibi tí títú ọ̀rọ̀ sí èdè kedere ti máa ń di ewu ni ibi tí ìwé àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ò ti kedere, nítorí pé bó o bá ń kọ ọ́ ní kedere, ọwọ́ rẹ á kàn yan ìtumọ̀ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wo ibi yìí: "Agbaṣẹ́ṣe sì lè dá iṣẹ́ dúró tàbí fòpin sí àdéhùn yìí lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ 10." Ṣé ìkìlọ̀ ọjọ́ 10 yẹn kan méjèèjì, àbí ìfòpinsí nìkan? Bí ó bá kan méjèèjì, màmá ní ọjọ́ 10 láti wá owó kí iṣẹ́ tó dúró. Bí ó bá jẹ́ ìfòpinsí nìkan ló kàn, ilé-iṣẹ́ náà lè pa iṣẹ́ tì láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí owó pẹ́, láìkọ lẹ́tà kankan. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì, àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé náà sì gba méjèèjì láàyè. Mo fẹ́ gbà pé o ti yan ọ̀kan nínú ẹ̀dà rẹ méjèèjì láìmọ̀.

Má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní Kánádà, ilé-iṣẹ́ Rogers àti Aliant fa ọ̀rọ̀ kan lórí abala ìfòpinsí àdéhùn wọn lórí lílo òpó wáyà. Abala náà sọ pé àdéhùn yóò wà fún ọdún 5, lẹ́yìn náà fún ọdún 5 mìíràn, àyàfi bí ẹnì kan bá fún ẹnì kejì ní ìfilọ̀ ọdún kan. Kọ́mà kan wà ṣáájú "àyàfi". Rogers gbà pé ọdún 5 àkọ́kọ́ ò ṣeé já. Aliant ní pẹ̀lú kọ́mà yẹn, ìfilọ̀ ọdún kan tó láti jáde nígbàkígbà. Ní 2006, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ tẹ̀lé kọ́mà, wọ́n dá Aliant láre. Ní 2007, wọ́n yí ìdájọ́ náà padà, nítorí pé ẹ̀dà àdéhùn náà tó wà ní èdè Faransé ò ní rúgúdù yẹn nínú. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí níbẹ̀ ni pé ẹ̀dà kejì ló yanjú ọ̀rọ̀. Ìwọ náà ń kọ ẹ̀dà kejì lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, bó o bá sì sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ ò sọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni oníbàárà máa dá a padà sí.

Nítorí náà, kí lo máa ṣe sí ibi tí kò kedere? Má tún un ṣe nídákẹ́jẹ́. Kọ ọ́ fún màmá pé ibí yìí ní ìtumọ̀ méjì, kó o sì gbà á níyànjú láti máa hùwà bí ẹni pé èyí tó le jù fún un ni òótọ́. Ẹni tó bá pa òfin tó le jù mọ́ ti pa èyí tó rọ̀ mọ́. Lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ọ̀rọ̀ bá ní ojú méjì, ilé ẹjọ́ lè kà á lọ́nà tí kò gbe ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo ìwádìí ni adájọ́ máa ń dé ibẹ̀, oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró ò sì ní fẹ́ gbọ́ pé ó lè borí lọ́dún mélòó kan sí i.

Kíka ọjọ́ náà ní ojú méjì, èyí sì kan àwa gan-an. Nínú èdè wa, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ iye ọjọ́. Bí mo bá sọ pé mo rí ọ níjẹta, ẹ̀ta tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ti ka òní mọ́ ọn: òní, àná, ìjẹta. Àwọn lọ́yà, ní tiwọn, sábà máa ń yọ ọjọ́ tí ìwé dé kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Abala 7 ò sọ èyí tó fẹ́. Ká ní ínfóìsì tó ní ọjọ́ 1 oṣù lórí tẹ màmá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 3. Bí a bá yọ ọjọ́ tó dé, ọjọ́ 14 rẹ̀ pé ní ọjọ́ 17. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ó pé ní ọjọ́ 16. Ti àtakò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí abala náà kàn ní "láàárín ọjọ́ 5" ni, kò sọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti ọjọ́ tó dé, ó lè parí ní ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 8. Bí ó bá jẹ́ láti ọjọ́ tó wà lórí ínfóìsì, ó lè parí ní ọjọ́ 5, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún un nígbà tí ìwé dé, kódà bí a bá ka ọjọ́ tó dé gan-an mọ́ ọn. Abala náà ò sì sọ "ọjọ́ iṣẹ́", nítorí náà kí màmá ka Sátidé àti Sọ́ńdè pọ̀, àfi bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ níwájú ìwé náà bá sọ ohun mìíràn. Lọ wò ó kó o tó kọ nǹkan kan. Wo abala tó sọ bí a ṣe ń fi ìwé ránṣẹ́ náà, bóyá ímeèlì tó, nítorí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ "gbà á" sábà máa ń wà.

Mo ní láti sọ àṣìṣe tèmi fún ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo tú abala kan tó jọ èyí fún oníbàárà kan. "Láìyọ ohunkóhun kúrò àti láìdá ohunkóhun dúró" ni mo sọ di "Ẹ gbọ́dọ̀ san owó yín pé pérépéré, lásìkò." Ó dùn létí, mo tiẹ̀ yan lọ yan bọ̀ nínú ọ́fíìsì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọkùnrin náà ní àléébù, ó sì dá ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà dúró. Ó ní iṣẹ́ tó bá pé ni òun máa san owó tó pé fún, àti pé ohun tí mo kọ fún òun náà nìyẹn. Kò parọ́. Èlé bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ìdá tó dá dúró, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà sì kó irinṣẹ́ wọn kúrò. Mo padà ka ohun tí mo kọ, mi ò rí ibì kan tí mo ti sọ fún un pé bí iṣẹ́ bá tiẹ̀ bàjẹ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ owó.

Láti ìgbà náà, mi ò kọ ojúṣe kankan sílẹ̀ mọ́ láìgbé e sí ibi tó ti máa dun ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó nílò lọ́yà láti sọ fún un pé kó sanwó nígbà tí iṣẹ́ dáa. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ò dáa ni gbólóhùn náà ń dúró dè é. Nínú abala tìrẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí màmá fi lè dá owó dúró, ìyẹn ni kó kọ àtakò láàárín ọjọ́ 5. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ìwé náà ti gbà pé ó fara mọ́ gbogbo iye tó wà lórí ínfóìsì, kódà bí àṣìṣe ìṣirò bá wà nínú rẹ̀. Ó sì tún ṣókùnkùn bóyá àtakò lórí ohun kan ló ń dá gbogbo owó dúró tàbí iye tó ń tako nìkan. Gba èyí tó le: kó san ìyókù.

Èlé ò nílò àlàyé púpọ̀, àpẹẹrẹ kan ló nílò. Ìdá 2 nínú 100 lóṣooṣù dún bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìdá 24 nínú 100 ni lọ́dún. Lórí 600,000, oṣù kan jẹ́ 12,000. Bí ó bá pẹ́ ọjọ́ 45, ó lè jẹ́ 18,000 bí wọ́n bá ń kà á lọ́jọ́ dé ọjọ́, tàbí 24,000 bí wọ́n bá ka àbọ̀ oṣù sí oṣù kan. Abala náà ò sọ èyí tó jẹ́. Kọ iye tó pọ̀ jù fún un.

Apá tí mo rò pé ó ń kó ẹ̀rù bá màmá gan-an ni jíjáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí àwọn bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni owó dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ojúṣe rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ "títí di ọjọ́ ìfòpinsí", ọjọ́ ìfòpinsí sì ni ìgbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé. Kò sí ohun tó ní kí ilé-iṣẹ́ náà má ṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, nítorí náà wọ́n lè ṣe é, wọ́n lè fi ínfóìsì rẹ̀ ránṣẹ́, màmá sì gbọ́dọ̀ san án. Lẹ́yìn náà ni "ìnáwó tí kò ṣeé yí padà". Bí wọ́n bá ti san owó ọdún kan fún ibi tí ìkànnì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó gbà á ò sì lè dá a padà, owó yẹn di ti màmá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́ lò. Abala náà ò ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí hàn án. Ó lè béèrè, ṣùgbọ́n má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti ní ẹ̀tọ́ sí i.

Wo ohun tí abala náà ò sọ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀nà méjì láti jáde: bí owó bá pẹ́, àti láìsọ ìdí. Màmá ní ẹyọ kan ṣoṣo, láìsọ ìdí. Kò síbi kankan nínú abala 7 tó ti lè jáde kíákíá nítorí pé iṣẹ́ wọn burú. Òfin lè fún un ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ níta ìwé náà bí wọ́n bá rú àdéhùn gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá já àdéhùn lọ́nà yẹn tó sì ṣi í ṣe, òun gan-an ló di ẹni tó rú u. Bó o bá tú kìkì ohun tó wà nínú abala, wàá fi àlàfo yìí pamọ́ fún un. Kọ ọ́ síbẹ̀ kí ó rí i.

Ẹ̀dà tí èmi ìbá fún màmá nìyí. Wàá rí i pé ó gùn ju abala náà lọ. Kò burú. Gígùn kọ́ ló ń dẹ́rù bani nínú ìwé, ìdìpọ̀ ni.

"Ìwé yìí ń ṣàlàyé abala 7 nínú àdéhùn yín. Kò rọ́pò rẹ̀. Bí àlàyé yìí àti àdéhùn bá ta kora, àdéhùn ló lékè. Níbi tí àdéhùn ti ní ìtumọ̀ méjì, mo ti fi àmì ìràwọ̀ sí i, èyí tó le jù fún yín ni mo sì kọ.

Nígbà tí ínfóìsì bá dé. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sórí rẹ̀. Ẹ kà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí iye orí rẹ̀ tàbí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 5.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ tó wà lórí ínfóìsì, kí ẹ sì ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ kò fara mọ́ àti iye rẹ̀. Fóònù kò tó. Bí ẹ kò bá kọ̀wé, àdéhùn gbà pé ẹ ti fara mọ́ gbogbo iye náà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ẹ gbọ́dọ̀ san gbogbo iye tí ẹ kò tako láàárín ọjọ́ 14.* Ẹ ka ọjọ́ tí ínfóìsì dé mọ́ ọn. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ owó kankan kúrò tàbí dá a dúró, kódà bí iṣẹ́ bá ní àléébù, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ yín lówó ọ̀nà mìíràn. Iye tí ẹ ti kọ̀wé tako lásìkò nìkan ni ẹ lè dá dúró.*

Bí ẹ bá pẹ́. Èlé ìdá 2 nínú 100 máa gorí owó náà lóṣooṣù. Lórí 600,000, ìyẹn 12,000 fún oṣù kan, tàbí apá kan oṣù.* Ilé-iṣẹ́ náà lè dá iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìkìlọ̀.* Ilé-iṣẹ́ náà tún lè kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ kò bá san owó náà àti èlé rẹ̀* láàárín ọjọ́ 10, ilé-iṣẹ́ náà lè fòpin sí àdéhùn. Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ilé-iṣẹ́ náà ṣì lè pè yín lẹ́jọ́ fún owó náà.

Bí ẹ̀yin bá fẹ́ jáde. Ẹ lè jáde nígbàkígbà, ẹ ò ní láti sọ ìdí. Ẹ gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́, àdéhùn á sì parí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Títí di ọjọ́ tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ san owó gbogbo iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe, títí kan èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, àti owó tí ilé-iṣẹ́ náà ti ná fún iṣẹ́ yín tí ilé-iṣẹ́ náà kò lè gbà padà.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ́ jáde. Ilé-iṣẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí, bí ilé-iṣẹ́ náà bá fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́. Owó tí ẹ máa san kò yàtọ̀.

Ohun tí abala yìí kò fún yín. Kò fún yín ní ọ̀nà láti jáde lójijì nítorí pé iṣẹ́ burú. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún ilé-iṣẹ́ náà."

Bó o bá fún un tán, má ṣe bi í pé "ṣé ó yé yín?" Á ní ó yé òun, torí ọ̀wọ̀ ni. Ìlànà àgbáyé lórí èdè kedere, ISO 24495-1, tó jáde ní 2023, gbà pé ẹni tó ń kàwé gbọ́dọ̀ lè rí ohun tó ń wá, kó yé e, kó sì lè lò ó. Ti lílò yẹn ni kó o dán wò. Gbé ìwé náà sí i lọ́wọ́, kó o bi í báyìí: "Mà, ínfóìsì tó ní ọjọ́ 10 lórí dé ní ọjọ́ 12, ojú ìwé kan kò ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì náà. Ọjọ́ wo lẹ máa ṣe kí ni?" Ìdáhùn tó tọ́ ni pé òun á kọ̀wé kí ọjọ́ 14 tó parí, òun á sì san ìyókù kí ọjọ́ 25 tó parí. Tún bi í pé: "Ẹ kọ lẹ́tà ìfòpinsí lónìí, ilé-iṣẹ́ náà sì fi ínfóìsì tuntun ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé ẹ máa san án?" Bí ó bá ṣìnà, má ṣàlàyé fún un lẹ́nu kó o wá fi ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìwé ló ṣìnà. Fi ìka tọ́ ibi tó ń wò nígbà tó dáhùn, kó o tún gbólóhùn yẹn kọ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí kì í ṣe ti màmá. Gbogbo ibi tó o fi ìràwọ̀ sí ni kó o kó jọ sínú lẹ́tà kan sí ilé-iṣẹ́ náà, ní orúkọ oníbàárà rẹ: láti ọjọ́ wo la ti ń ka ọjọ́ 5, ṣé a ń ka ọjọ́ tí ínfóìsì dé mọ́ ọjọ́ 14, ṣé ìkìlọ̀ ọjọ́ 10 kan dídá iṣẹ́ dúró, ṣé àtakò kan iye tí a tako nìkan, báwo la ṣe ń ka èlé, ṣé owó nìkan ni àtúnṣe tàbí owó pẹ̀lú èlé. Fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ nísinsìnyí tí kò sí ìjà, torí nígbà tí owó bá ti pẹ́, ẹni kọ̀ọ̀kan á dáhùn bó ṣe máa gbè é. Bí èsì bá dé, wo abala tó sọ bí a ṣe ń ṣàtúnṣe àdéhùn kó o tó gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ló ní àyàfi kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, yọ ìràwọ̀ náà kúrò, kọ ohun tí wọ́n gbà síbẹ̀, fi ọjọ́ sí ẹ̀dà tuntun náà, kó o sì gba ti àtijọ́ padà lọ́wọ́ màmá.